Ògiri tó máa dá yẹ̀pẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Dútsè: ṣé blọ́ọ̀kù ínṣì 9 lè gbé e?

Ìyá Ìbejì Dútsè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ilẹ̀ wa wà ní Dútsè Alháájì ní Àbújá níbí, 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kí ilé tó lè jókòó dáadáa, a ní láti gé ẹ̀yìn náà, ibi tí a bá gé yóò sì ga tó mítà 2 ní gbogbo ìbú ilẹ̀ náà. Aládùúgbò wa ti kọ́lé sókè ibẹ̀, fẹ́ńsì rẹ̀ sì jìnnà tó mítà 3 sí ibi tí a fẹ́ gé.

Bíríkìlà wa ní kí a fi blọ́ọ̀kù ínṣì 9 mọ ògiri náà, kí a máa fi òpó kọnkéré sí i ní mítà 3-3. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe fẹ́ńsì iwájú, kò sì ṣubú. Ilẹ̀ pupa tó le ni. Nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ wò nínú ọyẹ́, ó dúró ṣánṣán láìsí ohun tó gbé e ró. Bàbá àwọn ọmọ ní ká tẹ̀lé bíríkìlà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí?

Bọ̀dá Láńre

Mummy Ìbejì, blọ́ọ̀kù 9 á gbé e. Ẹ sáà rí i pé wọ́n po kọnkéré sínú ihò blọ́ọ̀kù náà, kí irin sì ti inú ìpìlẹ̀ gòkè wá. Omi lẹ ní láti ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ̀yìn ògiri náà dáadáa, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kí ẹ̀kán omi kan má lè kọjá. Tí omi ò bá ti wọ ògiri, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ẹnjiníà Gúsápè

Bọ̀dá Láńre, ẹ tọ́ nípa irin àti kọnkéré, ó sàn ju ihò òfìfo lọ. Ẹ sì tọ́ pé omi ni ká ṣọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dí ẹ̀yìn ògiri pa, tí ẹ kò fún omi ní ọ̀nà mìíràn, ẹ ti sọ ọ́ di ìdídò omi nìyẹn. Omi òjò tó ń ti òkè bọ̀ kò ní padà sẹ́yìn. Yóò dúró lẹ́yìn ògiri, yóò máa ga sí i, yóò sì máa tì í síwájú. Irú ògiri yìí tí mo ti lọ wò lẹ́yìn tó wó ní agbègbè Àbújá, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ibi kankan tí omi lè gbà jáde.

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún bíríkìlà yín pé fẹ́ńsì kò gbé nǹkan kan ju ara rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tí ẹ fẹ́ mọ yìí, yẹ̀pẹ̀ ni yóò máa tì í tọ̀sán tòru. Bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń tì í nìyí, fún mítà kan nínú gígùn ògiri:

P = ½ × K × γ × H²

H ni gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Mítà 2 lẹ ní, ẹ ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó ìdajì mítà wọlẹ̀, ó di 2.5. γ ni ìwúwo yẹ̀pẹ̀, ká fi í sí tọ́ọ̀nù 1.8 fún kúbíìkì mítà kan. K ni ìpín ìwúwo náà tó ń yí padà di títì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún mọ́ 1/3 fún irú ilẹ̀ tiyín tí kò bá rẹ omi. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí bíi tọ́ọ̀nù 1.9 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ògiri yín gùn tó mítà 15, ó di tọ́ọ̀nù 28 tó fẹ̀yìn ti blọ́ọ̀kù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí omi wá kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè. Omi kì í dá ara rẹ̀ dúró rárá bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń ṣe, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló fi ń tì. Omi nìkan á di tọ́ọ̀nù 3.1. Yẹ̀pẹ̀ tó rì sínú omi á fúyẹ́, yóò fi tọ́ọ̀nù 1 péré tì í. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 4. Ògiri kan náà, yẹ̀pẹ̀ kan náà, ẹrù rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ nítorí òjò.

Nípa ilẹ̀ tó dúró ṣánṣán nínú ọyẹ́, ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí. Bí ilẹ̀ pupa wa ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá gbẹ. Òjò méjì mẹ́ta tó rìn wọ inú rẹ̀ dáadáa, agbára yẹn ti lọ.

Akin Gòǹbè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ní ìṣòro yìí. Fẹ́ńsì mi ní Gòǹbè ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè rárá. Ilẹ̀ dúdú ni. Lásìkò òjò ó máa ń wú, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yóò là tí ọwọ́ á fi wọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbẹ́ ihò sí i kí omi lè jáde?

Ẹnjiníà Gúsápè

Akin, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn ló ń wú tó sì ń sún kì, ó ń gbé ìpìlẹ̀ fẹ́ńsì rẹ sókè, ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ihò lára ògiri kò ní ràn án lọ́wọ́. Ìpìlẹ̀ ni kó o bi ẹnjiníà tó wà nítòsí rẹ, dákun ṣí ojú ewé tìrẹ fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan kan Ìyá Ìbejì nínú ọ̀rọ̀ rẹ: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta irú yẹ̀pẹ̀ amọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ fún un láti fi dí ẹ̀yìn ògiri, kó má gbà á. Yóò mu omi, yóò wú, yóò sì ti ògiri ju bí ìṣirò òkè yẹn ṣe sọ lọ.

Bàbá Olókùúta

Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe láàárín Bwárì sí Ḿpápé. Ìyá Ìbejì, òkúta ló wà nílẹ̀ yín yẹn, kí lẹ fẹ́ fi blọ́ọ̀kù ṣe? Òkúta ńlá ni kẹ́ ẹ fi mọ ọ́, kí simẹ́ńtì kún àárín rẹ̀ dáadáa. Fún mítà 2 tó yọ síta, èmi máa ń fún un ní mítà 1.5 nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀, tó bá dókè á ku sẹ̀ntímítà 45. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró ṣánṣán, iwájú rẹ̀ á dà sẹ́yìn. Àwọn màgíní, ìyẹn àwọn ọ̀mọlé ilẹ̀ Haúsá, tí mò ń bá ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n dunjú.

Ìyá Ìbejì Dútsè

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mítà 1.5? Ṣé kì í ṣe pé ògiri yẹn á gbé ilẹ̀ mi lọ? Ẹnìkan sọ fún wa pé tí a bá fi kọnkéré oníirin ṣe é, kò ní nípọn ju ínṣì 9 tàbí 10 lọ.

Ẹnjiníà Gúsápè

Mo ti ṣírò ìwọ̀n tí Bàbá sọ, ó dára. Lórí mítà kan, òkúta àti simẹ́ńtì rẹ̀ tó kúbíìkì mítà 2.4, ìwúwo rẹ̀ sì sún mọ́ tọ́ọ̀nù 5.4. Ní ti kó ṣubú dojú bolẹ̀, agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó fẹ́ bì í wó lọ. Ní ti kó yọ̀ síwájú, bí a bá ní ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni ilẹ̀ fi dì í mú, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2.7. Ohun tó ń tì í jẹ́ 1.9. Ó gbé e, ṣùgbọ́n ìlọ́po 1.4 ni, àwa sì ń fẹ́ 1.5 ó kéré tán. Bàbá, ẹ jẹ́ kí ojú ìpìlẹ̀ náà dà díẹ̀ sí ìhà yẹ̀pẹ̀, má jẹ́ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìyẹn á sì pé.

Ẹ wá wo ohun tí omi yóò ṣe. Títì di 4.2, ilẹ̀ kò lè dì mú ju 2.7 lọ. Ògiri òkúta tó nípọn tó yẹn yóò yọ̀ síwájú pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Mo ní láti sọ èyí yékéyéké nítorí àwọn ènìyàn rò pé tí ògiri bá ti nípọn, ọ̀rọ̀ omi ti tán.

Kọnkéré oníirin kò nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò hàn. Ẹsẹ̀ yẹn náà máa fẹ̀ tó mítà 1.5, abẹ́ yẹ̀pẹ̀ ló sì máa ń lọ, nítorí ìwúwo yẹ̀pẹ̀ tó jókòó lé e ló ń dì í mú. Èyí fi hàn pé ẹ ní láti gbẹ́ sẹ́yìn sí i, kẹ́ ẹ sún mọ́ fẹ́ńsì aládùúgbò yín, kẹ́ ẹ tó dá yẹ̀pẹ̀ padà. Pẹ̀lú mítà 3 péré, èmi kò ní fẹ́ ẹ. Ti òkúta, ọwọ́ iwájú lórí ilẹ̀ tiyín ló máa fẹ̀ sí.

Bí ẹ bá yan kọnkéré síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ ya irin rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dì í. Irin tó ń ṣiṣẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ wà lápá ibi tí yẹ̀pẹ̀ wà, nítorí ẹ̀yìn ni ògiri máa ti ya bí ó bá ń tẹ̀ síwájú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tò ó sí iwájú nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn tó.

Àlàájà Kúbwà

Mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri òkúta ni wọ́n ṣe fún wa ní Kúbwà, ihò omi sì wà lára rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, omi pupa ń ṣàn láti inú ihò wọ̀nyẹn, ó ń ba ọ̀dà funfun jẹ́. Ẹni tó ń kùn ún ní kí a fi simẹ́ńtì dí wọn. Òjò tó tẹ̀lé e kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, mo rí i pé àárín ògiri ti yọ ikùn, ìlà kan sì ti là sórí ilẹ̀ lókè, ó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Ọmọ mi ní kí n má bẹ̀rù, pé ilẹ̀ ló ń jókòó.

Ẹnjiníà Gúsápè

Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré tàbí kí ọkọ̀ dúró síwájú ògiri yẹn títí ẹnìkan á fi wò ó. Ìlà tó là lókè tó sì bá ògiri lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ àmì pé yẹ̀pẹ̀ tó wà láàárín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri rìn. Ilẹ̀ tó ń jókòó lásán kì í mú kí ògiri yọ ikùn. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò wọ̀nyẹn ṣí padà, láti orí ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń lù ú dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má dúró síwájú. Ẹ fi nǹkan bo ìlà òkè yẹn kí òjò má wọnú rẹ̀. Bí ògiri náà bá ṣì ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí omi ti jáde, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó tún un mọ.

Omi pupa yẹn fúnra rẹ̀ ti ń sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Omi tó mọ́ ni ó yẹ kó máa jáde. Tó bá ń gbé yẹ̀pẹ̀ pupa jáde, kò sí àsẹ́ lẹ́yìn ihò, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn sì ń ṣófo díẹ̀díẹ̀. Àmì kejì tí ẹ̀yin tókù lè máa wò: bí òjò ńlá bá rọ̀, tí ihò gbẹ, ṣùgbọ́n tí ara ògiri ń tutù láàárín àwọn ihò náà, wọ́n ti dí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Dútsè

Háà, Àlàájà, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹnjiníà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an? Bíríkìlà wa ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Bàbá Olókùúta

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bí ẹ ṣe ń mọ ògiri lọ sókè lẹ ó máa ṣe é, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń padà wá ṣe. Ìlà àkọ́kọ́ ihò omi yóò fi bí ọwọ́ kan ga ju ilẹ̀ iwájú lọ. Páìpù PVC ínṣì 3 ni, a ó tẹ́ ẹ kó dà síwájú, ìkan sí ìkejì á jẹ́ mítà 1.5. Fún ògiri yín, ó máa tó 10. Ìlà kejì á wà ní mítà kan sókè, a ó sì pín in kó bọ́ sáàárín ti ìsàlẹ̀.

Láàárín ògiri àti yẹ̀pẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tó kù díẹ̀ kó dé òkè. Èyí tí wọ́n ń lò fún kọnkéré ni, kó mọ́, kó má ní eruku. Omi tó bá ti yẹ̀pẹ̀ jáde á wọ inú rẹ̀, á ya wálẹ̀ wàràwàrà, á bá ihò jáde. Lókè pátápátá, a ó fi yẹ̀pẹ̀ amọ̀ pupa bò ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, a ó kì í dáadáa kí òjò má ti ojú òkè wọ inú òkúta náà tààrà.

Bọ̀dá Láńre

Àsẹ́ tí Ẹnjiníà ń sọ yẹn ńkọ́? Ṣé àpò ìrẹsì ò lè ṣe é? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lò ó.

Ẹnjiníà Gúsápè

Wọ́n ń lò ó, mi ò fẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ kò dọ́gba: ibì kan á jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ kọjá, ibì kan á dí omi. Aṣọ àsẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ títì wà, àwọn tó ń ṣe títì máa ń ní èyí tó ṣẹ́kù. Ó rí bí aṣọ funfun tàbí aṣọ aláwọ̀ eérú, omi ń gbà á kọjá, yẹ̀pẹ̀ kì í gbà á. Ẹ ta á sáàárín yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́, kí ìkan gùn lé èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbi tí wọ́n ti pàdé.

Bàbá Olókùúta

Níbi tí a kò ti rí i, yanrìn odò tó ní hóró ni mo máa ń kó sẹ́yìn òkúta wẹ́wẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹnjiníà Gúsápè

Ó ń ṣiṣẹ́ bí hóró yanrìn bá bá òkúta náà mu, Bàbá. Tí òkúta bá tóbi jù, yanrìn á ṣàn wọ inú rẹ̀. Èyí tí mo máa fi kún un ni páìpù ínṣì 4 tó ní ihò lára, kó sùn sí ìsàlẹ̀ pátá lẹ́yìn ògiri nínú òkúta wẹ́wẹ́, kó máa dà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ntímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Fún mítà 15, ìkángun rẹ̀ á fi sẹ̀ntímítà 15 lọ sílẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kó tú sínú gọ́tà.

Bàbá Olókùúta

Ibẹ̀ ni èmi àti Ẹnjiníà kò ti fohùn ṣọ̀kan. Páìpù inú ilẹ̀, ó lè dí lónìí, kẹ́ ẹ má mọ̀ títí ògiri á fi yọ ikùn. Ihò ojú ògiri, ẹ̀ ń rí i láràárọ̀. Mo ti mọ ògiri púpọ̀ pẹ̀lú ihò nìkan, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnjiníà Gúsápè

Mi ò ní kẹ́ ẹ yọ ihò kúrò, Bàbá. Mo fẹ́ méjèèjì. Ihò yín ń da omi sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, níbi tí ìpìlẹ̀ ti gbára lé ilẹ̀ iwájú. Tí kò bá sí gọ́tà níwájú, ibẹ̀ á máa rọ̀. Páìpù lè gbé èyí tó pọ̀ jù jáde kó tó dé ibẹ̀, ẹ sì lè gbé orí rẹ̀ yọ síta lápá méjèèjì kí wọ́n lè máa fi omi fọ̀ ọ́.

Bàbá Olókùúta

Gọ́tà iwájú, mo gbà. Páìpù, ẹni tó bá lówó rẹ̀ kó ṣe é.

Ìyá Ìbejì Dútsè

Ohun kan wà tí n kò sọ. Sókúwèé aládùúgbò wa wà nítòsí fẹ́ńsì yẹn, lápá ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ó ṣe pàtàkì?

Ẹnjiníà Gúsápè

Ó ṣe pàtàkì gan-an, Ma. Gbogbo ìṣirò wa dá lórí pé òjò nìkan ni omi tó ń bọ̀. Sókúwèé ń da omi sínú ilẹ̀ lójoojúmọ́, àti nínú ọyẹ́. Ẹ lọ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe jìn tó. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ga ju ìpìlẹ̀ ògiri yín lọ, ọ̀dọ̀ yín ni omi rẹ̀ yóò máa rìn bọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí kò bá ṣeé ṣe, páìpù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó lówó mọ́, dandan ni, a ó sì wá ibi tí omi ẹlẹ́gbin yẹn máa gbà lọ tí kò ní wọ kànga ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Láńre

Ta ló máa sanwó gbígbé sókúwèé? Òun ló kọ́kọ́ kọ́lé.

Àlàájà Kúbwà

Ìyẹn á dìjà o. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Dútsè

A ó lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá, oṣù kejì la wà yìí, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ lè parí kí òjò tó dé?

Bàbá Olókùúta

Òkúta tó máa lọ síbẹ̀ tó kúbíìkì mítà 37. Pẹ̀lú àwọn ènìyàn mi, a lè parí rẹ̀ kí oṣù kẹrin tó wọlé, bí owó bá wà nílẹ̀. A kò ní gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ó gé mítà 3, a ó mọ ọ́n, a ó fo mítà 3 tó tẹ̀lé e, ká má bàa yọ ẹsẹ̀ fẹ́ńsì aládùúgbò.

Ẹnjiníà Gúsápè

Gígé rẹ̀ ní mítà 3-3 dára gan-an. Ṣùgbọ́n "bí owó bá wà nílẹ̀" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá ní owó àbọ̀, ẹ má fọwọ́ kan òkè yẹn títí di oṣù kọkànlá. Ibi tí wọ́n gé tí wọn kò tíì mọ nígbà tí òjò bá dé burú ju òkè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ. Ẹ sì ṣe gọ́tà kan lókè, láàárín fẹ́ńsì aládùúgbò àti orí ògiri, kí omi tó ń ti àgbàlá rẹ̀ ṣàn bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìyẹn, ẹ lè ṣe é lọ́dún yìí, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gé.

Bàbá Olókùúta

Ẹnjiníà, tí a bá dúró di oṣù kọkànlá, owó simẹ́ńtì á ti gòkè. Èmi ṣì gbà pé ká bẹ̀rẹ̀ báyìí láti apá tí kò sí sókúwèé.

Ìyá Ìbejì Dútsè

Mo ti gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Bí a bá ti mọ bí sókúwèé náà ṣe jìn tó, n ó kọ ọ́ síbí.